Ẹsẹ̀ Mi Ni Fóònù Bàbá Àgbà Ń Sọ

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Koumassi Remblais, ní Abidjan níbí. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Bàbá Kékeré tó ni gúrúùpù ẹbí wa. Ẹ pe Súlè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kó wá jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí. Iṣẹ́ wẹ́dà ń lọ, àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe ń sọ fún yín.

Oṣù kan ni mo fi lo fóònù yẹn kí n tó fi í rán oníṣòwò kan láti Adjamé sí Bàbá Àgbà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń ti fóònù wọn wọ gúrúùpù láràárọ̀: «patron ese mi ko tii san mi o le gun akaba patron ese mi ko tii san». Ẹ sáré lọ wo ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà, ẹ ní ṣe ni wọ́n dìde tí wọ́n ń rìn yí ilé ká. Wọn ò sì mọ̀wé. Ta ló wá ń kọ ọ́?

Mo ní Súlè ni. Òun ló ń sun yàrá wọn, òun ló ń bá wọn fi iná sí fóònù. Mo ní ó fẹ́ fi àìsàn èké lu ẹbí ní jìbìtì. Ó búra, mo ní olè kì í gbàgbé ìbúra. Bàbá Kékeré yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù.

Ìyá mi, irọ́ ni mo pa. Mo dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo já bọ́ lórí àkàbà níbi tí a ti ń de irin fèrèsé ní Niangon. Ohun tí mo fi fóònù yẹn kọ sí patron, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, láràárọ̀ nìyẹn. Mo rò pé Súlè hú u jáde nínú fóònù láti tú àṣírí mi ni.

Àfi ìgbà tí ẹ ya fídíò ọwọ́ Bàbá Àgbà ránṣẹ́. Wọn ò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ń yọ lókè àwọn lẹ́tà, wọ́n tẹ ti àárín, òmíràn yọ, wọ́n tún tẹ ti àárín, títí ó fi gùn, wọ́n wá tẹ àmì ìfiránṣẹ́. Ẹ ní wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn gùn, tiwọn ò ní kúrú, ohun tí fóònù bá sì gbé síwájú àwọn, àwọn ò ní kọ̀ ọ́.

Mo pa àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ rẹ́ kí n tó fi fóònù náà sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìrántí tirẹ̀: ọ̀rọ̀ téèyàn bá ń kọ léraléra, yóò máa nà án sí ẹnikẹ́ni tó bá tún ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kékeré, ẹ dá Súlè padà, kí ẹ ka lẹ́tà yìí síta níbẹ̀. Súlè, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ nìkan lo lè wọ ètò fóònù náà kí o pa àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ lọ́wọ́ mi rẹ́. Bí o bá kọ̀, jẹ́ kí gbogbo ẹbí máa ka ẹsẹ̀ mi láràárọ̀. Ó tọ́ sí mi.

Ẹsẹ̀ náà ti ń gbà mí dúró. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á fún Bàbá Àgbà lálàáfíà. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará àdúgbò.

Èmi ni,
Ráfíù, ọmọ yín.