Ọjọ́ Tí Mi Ò Wé Gèlè fún Ìyá Wa

12, Òpópónà Hagan,
Banjul,
Gáḿbíà.
9 Oṣù Kẹta, 1976.

Mùtíàt mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé o ti máa bú mi pé mo gbàgbé rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú. Ojú mi rí tó.

O mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí ẹ̀gbà ti dá Ìyá wa dùbúlẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dá yíra padà. Èmi ni mò ń yí i ní wákàtí méjì méjì kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Èmi ni mò ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ díẹ̀díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun, èmi ni mò ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà, bí mo bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo dúpẹ́.

O lè ní, Bùrọ̀dá Kazeem ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Bundung àti Simbiat àbúrò mi ńkọ́? Wọ́n ń wá o! Ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á mú obì wá, wọ́n á ní, "Ara Ìyá ti ń yá!" Wọ́n á ṣàdúrà fún mi, wọ́n á lọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé, mo ti wẹ Ìyá, mo ti wé gèlè fún un, mo ti sun tùràrí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mi ò tọ́jú ìyá mi. Èmi aláṣejù!

Mùtíàt, ó rẹ̀ mí dé ọkàn. Bí mo bá ráyè sùn, oorun ò wá. Mò ń kírun, mi ò mọ iye rákà tí mo ti kí. Oúnjẹ ò wù mí, ẹ̀rín ò wù mí. Lọ́jọ́ kan, mo fún Ìyá lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán, mo gbàgbé, mo tún ń fún un. Ó pa ẹnu dé, omi oògùn dà sí mi lára. Ni mo bá pariwo mọ́ ọn: "Ẹ ò ṣe kúkú kú, kí n sinmi!" Hà! Èmi Bàṣírát! Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mò ń sunkún títí Naffie aládùúgbò wa fi dé. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ta ló rí iṣẹ́ rẹ? Gèlè nìkan ni wọ́n ń rí."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò wé nǹkan kan. Àsìkò àtiyí Ìyá ni wọ́n wọlé, mo ní kí Bùrọ̀dá wá gbá èjìká Ìyá mú. Òógùn bò ó. Simbiat rí egbò tó ti ń yọ ní ìdí Ìyá, ó bú sẹ́kún. Bùrọ̀dá ní ṣebí iṣẹ́ obìnrin nìyẹn. Mo ní mo ti gba àdúrà tó, ọwọ́ ni mò ń fẹ́. Mo sì sọ ohun tí mo sọ sí Ìyá fún wọn. Simbiat gba Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Bùrọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ gba Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Bùrọ̀dá ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ń wá.

Ẹ̀bẹ̀ ló wá ṣòro fún mi. Àná ni mo tó lè kúnlẹ̀ bẹ Ìyá. Ṣé o rántí bó ṣe kórìíra kéèyàn fi ọwọ́ òsì kan èèyàn? Ọwọ́ òsì yẹn nìkan ló kù fún un. Ó gbé e, ó fi lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò. Ibẹ̀ ni mo sùn lọ, Mùtíàt.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Naffie ní kí n kí ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
Bàṣírát