Orúkọ Tí Wọ́n Ń Sọ Wọ́n Nídìí Táǹkì

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Raji Rasaki Estate,
                                        Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Azeezat, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí,

Ìyá Rùfáì, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Rùfáì ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti rọ̀ díẹ̀? Rùfáì fúnra ẹ̀ ńkọ́, àbí fóònù ló ṣì ń gbé sùn bí ọmọ tuntun? Mo gbọ́ pé òjò ń bá yín jà ní Ìwó. Níbí náà, gọ́tà iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì kún, bàtà wa kì í gbẹ mọ́. Ara mi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò le. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ògiri ilé àwọn òṣìṣẹ́ yìí tín-ín-rín, ohun tí mo bá sọ lórí fóònù, wọ́n á ti máa jíròrò lé e lórí ní yàrá kejì kí n tó sọ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ ọ́, Ẹ̀bùnlọlá ọmọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́bọ̀, dákun, má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ náà. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀.

O ṣáà mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mátírọ́ọ̀nù họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ní ilé-ìwé yìí. Iṣẹ́ yìí ló fún wa ní yàrá tí a ń gbé, òun náà ló jẹ́ kí Ẹ̀bùn ráyè kàwé níbí. Ó ti wà ní SS2 báyìí, àárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń sùn. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé, àwọn sìníọ̀ máa ń kó wọn lọ sídìí táǹkì omi lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọṣọ tán, wọ́n á ní àwọn fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ. Èmi náà ti ń gbọ́ ọ láti ọdún tí mo ti débí. Màá gbọ́ àtẹ́wọ́, màá gbọ́ ẹ̀rín, èmi náà á rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Gbogbo olùkọ́ ló mọ̀. Eré ọmọdé la pè é. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ máa ń fi orúkọ ọ̀hún pe àwọn ọmọ ní kíláàsì, tí gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí a ò rí ni ohun tí wọ́n ń tọ́ wọn wò. O rántí bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, iyọ̀ kí ayé ọmọ lè dùn, oyin kó lè ládùn, omi torí pé omi kò lọ́tàá. Àwọn ọmọ yìí ti yí i po. Ọmọ tuntun á kúnlẹ̀ lórí kọ́ńkéré, wọ́n á da iyọ̀ sí i lẹ́nu ní ẹ̀kúnwọ́. Ata gbígbẹ á tẹ̀ lé e. Omi ọṣẹ tí wọ́n fi fọṣọ ni oyin wọn, wọ́n á gbé e fún un nínú kọ́ọ̀bù, á sì mu ún tán kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀sín. Orúkọ yẹn lá máa jẹ́ títí á fi jáde. Tí kò bá jẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ pọnmi níbi tí wọ́n ti ń pọn. Tó bá sì tú u síta, wọ́n á padà gbé e lọ sídìí táǹkì.

Sátidé tó kọjá, ẹ̀rín yẹn yí padà di igbe. Nígbà tí mo máa fi sáré débẹ̀, ọmọ kan tó ń jẹ́ Raodah ti dùbúlẹ̀ nínú omi ọṣẹ, àyà ẹ̀ ń hùn, ètè ẹ̀ ti fẹ́ dúdú. Ọmọ JSS1 ni. Ó ní ikọ́ fée, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Mo gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìnhélà ẹ̀, kò tó o, a bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Festac, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi gáàsì sí i nímú títí mímí ẹ̀ fi rọlẹ̀, a wá gbé e padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tó dè mí mọ́lẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo dé ìdí táǹkì, ẹni tí mo bá tí kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀, Ẹ̀bùn mi ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, ránṣẹ́ pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní ọjọ́ kejì ni àwọn òbí ń bọ̀ wá kí ọmọ wọn, kí n sọ fún ìyá Raodah pé àìsàn ọmọ náà ló kì í mọ́lẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé la máa fi ṣe, Ẹ̀bùn àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣe é á kúnlẹ̀ bẹ ọmọ náà, ọmọ náà á dárí jì wọ́n, a ó sì gbé e lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kejì kí ara lè tù ú. Ó wá wò mí lójú, ó ní mo ṣáà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ọmọ tèmi ló máa kọ́kọ́ kàn. Ṣé o rí i? Ó dè mí, ó sì ṣe é bí ẹni ń ṣe mí lóore. Mo ní, ẹ ṣeun sà. Ojú tì mí láti kọ ọ́ síbí, àmọ́ ohun tí mo sọ nìyẹn.

Fọláyan, olùgbaninímọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń gbé yàrá kejì sí mi. Ògiri tí mò ń bú yẹn ló gbè mí lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ẹkún mi, ó kànlẹ̀kùn, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀gá fẹ́ ṣe yẹn, ẹrù míì ni wọ́n fẹ́ dì lé ọmọ lórí. Bí sìníọ̀ mẹ́ta bá kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré níwájú àgbà, ṣé ó lè ní òun ò gbà ni? Á ní òun ti gbà, ọ̀rọ̀ á parí lójú wa, á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí òbí ti gbọ́. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń gbé kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí ọmọ má baà rò pé òun ni wọ́n ń jẹ níyà. Kí wọ́n pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má kó wọn pọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèlérí fún ọmọ pé òun á bá a bò ó. Ó ní ẹgba kò sí níbẹ̀ rárá, torí ẹni tí wọ́n bá nà nítorí Raodah, ara Raodah lá ti gbẹ̀san. Ó wá ní, “Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá sí ìwádìí yìí. Ọmọ yín ló gbé kọ́ọ̀bù.” Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ kejì, ìyá Raodah dé. Toyibat lorúkọ ẹ̀, ó ń ta mílíìkì àti bísíkíìtì ní Mazamaza, ọkọ ẹ̀ ń wa táńkà ní Satellite Town. Ẹnìkan ti sọ fún un ní géètì pé èmi ni mo gbé ọmọ ẹ̀ sáré. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún mi, Azeezat. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá ẹni tó fẹ́ pa ọmọ ẹ̀, ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á dá ọmọ tèmi náà sí. Mo gbìyànjú láti ṣe àmín, kò jáde. Mo fà á dìde, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, iyọ̀, ata, omi ọṣẹ, àti ọwọ́ tó gbé kọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ì bá pariwo ì bá sàn fún mi. Ó kàn bi mí pé orúkọ wo ni wọ́n sọ ọmọ òun. Mo ní Èéfín, nítorí èéfín táńkà tí bàbá ẹ̀ ń wà. Ó ní, “Àgbò la pa lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ yìí ní Raodah.” Ó sì wọ yàrá nọ́ọ̀sì lọ jókòó ti ọmọ ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀gá kò ti dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Bàbá Raodah wá ní Mọ́ńdè pẹ̀lú àwọn ará ilé ẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ bò ó mọ́. Fọláyan ló ń ṣe ìwádìí. Wọ́n ti yan olùkọ́ méjì tí á máa wà nídìí táǹkì ní gbogbo Sátidé. Wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo àwa òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá tún fi orúkọ ẹ̀sín pe ọmọ, òun náà á wá sọ tẹnu ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣe é kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ná. Àwọn méjì yòókù lọ sílé wọn. Ẹ̀bùn kò nílé míì, yàrá mi ni ilé ẹ̀. Ibẹ̀ la wà láti Mọ́ńdè, èmi àti ẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì kan, mi ò sì lè jáde kí ojú má baà gbà mí tì. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Wọ́n lè lé e. Bí wọ́n bá lé e, ta ló máa jẹ́ kí n dúró níbí ṣe mátírọ́ọ̀nù?

Lánàá, mo bínú sí i. Mo ní, ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyí, ta ló kọ́ ọ? Ó ní wọ́n ṣe é fún òun náà nígbà tí òun wà ní JSS1. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin ni mátírọ́ọ̀nù. A máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ojú fèrèsé.” Mo wá bi í pé kí ni wọ́n sọ ọ́. Ó ní, “Ohun tí ẹ̀ ń pè mí náà ni.”

Kọ́bọ̀. Wọ́n ní ọmọ òṣìṣẹ́ ni, kò lè ra nǹkan kan. Ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ ní géètì lọ́dún náà, mo rò pé orúkọ ìkẹ́ ni, torí ó kéré, mo bá mú un wálé, mo fi kọ́ ìwọ àti gbogbo ẹbí. Àní mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára kéèkì ọjọ́ ìbí ẹ̀. Kò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ní ọmọ yìí ti ń gbéra ga.

Lọ́la màá sọ ohun tí mo rí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì ní ta á nù. Fọláyan ní òun á sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ṣe é fún rí náà nílò ìtọ́jú. Ibi tó máa já sí, mi ò mọ̀. Fi mí sádùúrà bí o bá ti kírun.

Bá mi kí Bàbá Rùfáì, kí Rùfáì, kí màmá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé yín. Bí o bá pè wá, orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni kí o fi béèrè ẹ̀. Láti àná ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi nígbà kan, kíá ló dáhùn. Bí mo bá pe Ẹ̀bùnlọlá, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná.

Èmi tí o mọ̀ láti kékeré,

Táyé, ìyá Ẹ̀bùnlọlá.