Màámi, Ta Ni Bàbá Onílé Rí?

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí. Mo kí Bùrọ̀dá, mo kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pamọ́ fún yín.

Òjò ń rọ̀ ṣáá níbí. Ìdánwò ti dé tán, n kò sì tíì ní ọ̀rẹ́ tí mo lè sọ̀rọ̀ fún. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Bàbá onílé wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ni iná mànàmáná gbé nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà tí a ó fi pa iná, wọn ò mí mọ́. Kúnlé, ayálégbé tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà wọn kíkankíkan láìsinmi. Ìyàwó wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń pariwo orúkọ wọn sí wọn létí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mí.

Nígbà tí wọ́n ti ọsíbítù dé, wọ́n ní àwọn wà lókè, àwọn ń wo ara àwọn nílẹ̀ bí aṣọ tí èèyàn bọ́ sílẹ̀. Kò sí ìrora kankan. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ kan wà tí kì í ta ojú, bàbá wọn tó ti kú dúró níbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin eléjìí kan tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ló ní kí wọ́n padà, pé wọ́n ń pè wọ́n nílé. Wọ́n ní ó jọ mí.

Ìyá onílé ní àwọn tó ti lọ ló máa ń dá ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé padà, ìdí nìyẹn tí a kì í dákẹ́ lórí ẹni tó ń lọ. Àlùfáà àdúgbò ní Ọlọ́run ń gba ẹ̀mí wa lójú oorun pàápàá, ó sì ń dá a padà. Ohun tí bàbá rí, Òun ló mọ̀ ọ́n. Kúnlé fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé dáadáa máa ń dàrú débi pé kò ní mọ ibi tí ara rẹ̀ wà, etí lè ṣì máa gbọ́ràn, tí èèyàn bá sì jí, ọpọlọ á rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìtàn. Ó ní ọ̀pọ̀ tó jí bẹ́ẹ̀ kì í rántí nǹkan kan. Ó ní ṣebí bàbá rí àwòrán yín lára ògiri mi nígbà tí wọ́n wá tún fèrèsé ṣe.

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pa ẹnu dé nínú àwòrán yẹn, Màámi, èjí yín kò hàn. Kúnlé ní èmi náà ní èjí, ibẹ̀ ni bàbá ti mú un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá onílé wá rọra bi mí bóyá ẹ ṣì wà láyé. Mo ní ẹ wà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá pè, Bùrọ̀dá ló ń gbé fóònù, wọ́n á ní ẹ ń sùn, kí n gbájú mọ́ ìdánwò mi. Mo sì mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ikú pamọ́ fún ọmọ tó wà lájò.

Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ẹ forí jì mí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mò ń pè yín, Rábíátù, Rábíátù, bí ìyá onílé ṣe pe ọkọ wọn. Ẹ fi ohùn ara yín dá mi lóhùn. Ẹ pè mí ní Àbẹ̀ní. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ fúnra yín kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀ní