Lẹ́tà Ìkẹ́dùn tí Mo Fi Èdè Úrúdù Kọ sí Ráṣíìdì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ di ọwọ́ mi mú lórí wàláà kí n tó mọ gègé mú,

Ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé kéwú yín nìkan ni mo lọ yanjú. Ti òyìnbó, mi ò jókòó tì í tí mo fi sá. Síbẹ̀, Bàbá, ẹ wo ọmọ yín. Mo ní ilé ní Lansing, lẹ́yìn ìlú Chicago, ilé bíríkì, koríko iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Èmi ni ọ̀gá lọ́ńdìrì ní ọsibítù ńlá kan ní Hyde Park. Kò sí dókítà tó lè la ikùn ẹnikẹ́ni bí èmi ò bá fún un láṣọ. Àwọn tó kàwé títí irun fi tán lórí wọn, èmi ni wọ́n ń kí ní "Good morning, sir." Ṣé ẹ gbọ́? Sir! Èmi tí ẹ máa ń sọ pé orí mi le ju odó lọ.

Nítorí Ráṣíìdì ni mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ará Pakistan ni, òun ló ń tọ́jú bọ́ílà tó ń gbé omi gbígbóná wá fún wa. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí èmi fúnra mi ṣì ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Òun la jọ ń kírun Jímọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Tí òtútù bá le, ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà rẹ̀ la máa ń jókòó sí, a ó máa mu tíì tí òun fi mílíìkì sè. Èèyàn púpọ̀ ló ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ ní Chicago yìí, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ráṣíìdì nìkan ni kò wá nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.

Bàbá rẹ̀ kú ní Lahore. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ti sin bàbá, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àwọn tó sọ fún mi ní ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Inú mi dùn fún un, mi ò purọ́. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ pé àgbà kú, tí ọmọ gbẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò wá fajú ro? Mo bá a ní kantíìnì, mo na apá mi méjèèjì, mo lọgun.

"Ráṣíìdì! Congratulations, my brother! Nígbà wo la máa jẹ màlúù?"

Mo gbá a léjìká, mo rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ojú òkú kì í ṣe tuntun sí mi lọ́sibítù yẹn, ṣùgbọ́n ojú tí ọkùnrin yìí fi wò mí, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Bàbá mi ló kú," ó ní.

"Mo gbọ́! Ó gbó, ó tọ́. Ayọ̀ ni!"

"Bàbá mi ló kú."

Ó dìde, ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ sí ibi bọ́ílà, yóò kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ wá síṣẹ́ mọ́, wọ́n ní ó wà nílé tí àwọn èèyàn ń wá kí i. Jímọ̀ dé, èmi nìkan ni mo kírun láàárín ìgbálẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bínú. Kí ni mo ṣe? Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe kí i. Ṣùgbọ́n ibi bọ́ílà yẹn tutù lójú mi, Bàbá, iná sì ń jó nínú rẹ̀. Mo wá rò ó pé màá kọ lẹ́tà sí i, lédè tirẹ̀ gan-an, lọ́wọ́ ara mi. Ta ló tún lè dán an wò nínú àwọn ọmọ ìlú wa tó wà níbí? Àwọn tó ní díńgírì pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀.

Mo wa mọ́tò lọ sí West Ridge, sọ́dọ̀ obìnrin aláṣọ kan, ará Pakistan lòun náà, tí ìyàwó mi máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bájí ni gbogbo wọn ń pè é, bí ìgbà tí àwa bá ń pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n lóbìnrin. Mo ti ra káàdì kan dání, òdòdó ń tàn yòò lára rẹ̀, etí rẹ̀ dà bíi wúrà. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ pé Ọlọ́run ṣeun tí bàbá dàgbà kó tó lọ, pé ìnáwó ló kù, kì í ṣe ẹkún.

Ó gbé báírò sílẹ̀.

"Bhai," ó ní, ìyẹn arákùnrin lédè wọn, "mi ò ní kọ ìyẹn."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kí ọkùnrin yẹn lù ọ́ ni?"

"Kò sẹ́ni tó lè lù mí ní Chicago."

"Ó dáa. Àmọ́ kó má jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni yóò ti gbìyànjú."

Àwọn obìnrin tó ń yẹ aṣọ wò bú sẹ́rìn-ín. Bájí ò rẹ́rìn-ín. Ó gba káàdì olódòdó lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní pépà funfun lásán. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ni bàbá lò, ọmọ òrukàn ni ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́ta, iná kì í jó nídìí ààrò ilé náà, aládùúgbò ni yóò gbé oúnjẹ wá. Ẹni tó bá lọ kí wọn kì í bi wọ́n ní irú ikú tó pa bàbá, kì í ka ọjọ́ orí, kì í ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Pé mo gbọ́, pé ó dùn mí, pé mo wà pẹ̀lú rẹ, pé kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ó parí.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó pọ̀ jù fún ẹlòmíràn láti sọ, Bhai."

Ó kọ ọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Inna lillahi ló fi ṣíwájú, pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ti fi kọ́ mi. Ó wá ní: *Aap ke waalid saahib ke intiqaal ki khabar sun kar dili sadma hua.* Pé mo gbọ́ ìròyìn pé bàbá yín ọlọ́wọ̀ ṣípò padà, ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ gidigidi. Wọn kì í pè é ní ikú gbàgàdà nínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Mo ní àwa náà máa ń sọ pé àgbà papò dà. Ó mi orí, ó ń bá a lọ. *Main aap ke gham mein barabar ka shareek hoon*, mo bá yín pín nínú ìbànújẹ́ yìí dọ́gbadọ́gba. *Allah marhoom ki maghfirat farmaye*, kí Ọlọ́run forí jin ẹni tó ti lọ, ẹni tí a ń retí pé Ó ti ṣàánú fún, kó fi í sí Jannat-ul-Firdaus, Alùjánnà tó ga jù, kó sì fún yín ní *sabr-e-jameel*. Sùúrù tó rẹwà, ó ní. Mo ní kí ló rẹwà nínú sùúrù? Ó ní kí n máa kọ ọ́.

Mo jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, mo ń dà á kọ láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, bí orí wàláà. Lẹ́tà wọn ni lẹ́tà kéwú, yàtọ̀ sí mélòó kan tó gbé àmì kékeré tó-tò-tó rù tí mi ò rí rí. Mo ba pépà jẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ tó máa ń gbé ìdì aṣọ tútù ló di báírò mú. Ó dà bíi pé ọwọ́ yín wà lórí tèmi, Bàbá, pẹ̀lú èékánná àtàńpàkò yín tó là sí méjì. Ṣé ẹ̀yin ni?

Ní ilé Ráṣíìdì, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, àwọn ọkùnrin jókòó lé e láìsọ̀rọ̀. Mo bọ́ bàtà. Mi ò na apá, mi ò pariwo. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ka Fátíà, mo fi ọwọ́ pa ojú, mo wá na lẹ́tà sí i. Ó kà á. Ó tún un kà. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò, èmi tí mo máa ń yọ òyìnbó níṣẹ́ láìṣẹ́jú.

"Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

"Bájí ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Rárá."

"Ìgbà wo ló kú?"

"Ọdún tí yìnyín bo mọ́tò mọ́lẹ̀."

Ó gbé ojú kúrò lórí lẹ́tà.

"O ò sọ fún mi. Ojoojúmọ́ lo wá síṣẹ́ nínú yìnyín yẹn."

"Mo wá síṣẹ́."

"Ta ló wá kí ọ?"

Kí ni kí n sọ fún un, Bàbá? Gbogbo èèyàn wa ló wá. Wọ́n ní mo kú oríire, wọ́n ní mo kú ìnáwó, wọ́n bi mí pé ẹran dà. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dáhùn. Kò sí ẹnì kan tó ní ó dun òun. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, ṣé mi ò ní lé e jáde?

Ráṣíìdì ká lẹ́tà, ó fi í sápò àyà rẹ̀, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ráyè lórí aṣọ funfun náà.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo dárúkọ yín. Ó pẹ́ tí orúkọ yẹn ti jáde lẹ́nu mi. Àwọn ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ka Fátíà fún yín.

Mo rò pé màá sunkún. Omijé ò wá. Mo wa mọ́tò dé Lansing, mo jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé mi tó dára, omijé ò wá. Ta ló wẹ̀ yín? Ṣé ẹ béèrè mi? Nígbà tí wọ́n ní ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe dáadáa, ṣé ó tó yín?

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí mi, nítorí náà mo kọ ọ́ fúnra mi. Ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Mo gbọ́ pé bàbá mi papò dà. Ó dùn mí. Ó dùn mí, Bàbá. Kí Ọlọ́run forí jìn yín, kó fi yín sí Alùjánnà. Ti sùúrù tó rẹwà yẹn, mi ò tíì rí i.

Èmi ni, olórí líle yín, tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín jáde.