Ẹ Má Pè É Ní Dókítà Mọ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà orí ẹní. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi Làmídì, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ọ̀yọ́. Èmi Ràímì ni mo ń kọ̀wé yìí láti Àbíjáànù. Mo ní kí wọ́n kà á sókè fún tolórí-tẹlẹ́mù, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní ẹ ò gbọ́ mi dáadáa.

Ara mi le. Òjò ibí kì í kìlọ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi tí mo fi ìwé kẹrin sílẹ̀, tí mo fi orí ru ẹ́ńjìnnì títí àtàrí mi fi le bí òkúta, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò mẹ́ta. Ta ló rí ẹ̀rù lójú Ràímì rí? Ṣùgbọ́n ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Nítorí Sulaimọ́nù ọmọ mi ni.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ wo ìka rẹ̀ gbọọrọ, tẹ́ ẹ ní dókítà tó máa tọ́jú yín dé. Bí orúkọ tí àlùfáà sọ ọ́ ṣe kú nìyẹn. Kó tó mọ A B D, Dókítà ni gbogbo àdúgbò Akẹ̀sán ń pè é. Ìka náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, igbá ló ń fín. Baba onígbá ẹ̀yìnkùlé yín sọ fún mi pé Sulaimọ́nù kì í fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n: á fi ọ̀bẹ fa ìlà yí igbá ká, ìdí ìlà á sì pàdé orí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí lẹ sọ? Ẹ ní ọwọ́ tó fín igbá tí igbá ò fọ́, ọwọ́ iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ó wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń kọ́ ìṣègùn. Ó ní òun ń ya iṣan ara èèyàn débi pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń dà á kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí iṣan náà ń ṣe kì í dúró lórí òun. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ó tún un ṣe, agbára káká ló fi kọjá.

Ẹ rántí ọlidé tó kọjá. Ìyá Ṣakirá aládùúgbò yín gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná wá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó rà ní kẹ́mísì. Sulaimọ́nù ní wọn ò tíì kọ́ òun, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́sípítù. Ẹ̀yin lẹ béèrè bóyá dókítà adìyẹ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sulaimọ́nù gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ó sọ fún mi pé bí òun ṣe fọwọ́ kan ìdí ọmọ náà, òun ò rántí ibi tí iṣan tó sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀ gbà mọ́, iṣan tí òun ti yà láìmọye ìgbà. Síbẹ̀ ọwọ́ òun ń lọ. Ọmọ náà ló ta ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi já bọ́. Ọlọ́run ló yọ wá! Mo mọ ẹni tí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ di arọ títí dòní.

Ìdí tí kò fi gbé ìpè yín nìyẹn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá tún pe òun ní Dókítà tó sì nawọ́ abẹ́rẹ́ sí òun, òun máa gún aláìsàn náà bí òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gún, torí òun ò lè jẹ́ kí ojú tì yín.

Mo béèrè ohun tó fẹ́. Kò ní òun á sá kúrò níléèwé. Olùdámọ̀ràn wọn ní yunifásítì ti ní kó má kàn pòórá, kó kọ̀wé gba àyè ọdún kan kí ipò rẹ̀ má bọ́. Láàárín ọdún náà, á máa bá baba onígbá ṣiṣẹ́, á sì wá àyè ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Bí ọdún bá pé, a ó jókòó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbé e ró, ó ní òun á ka nǹkan mìíràn, kì í ṣe ìṣègùn. Mo ti gbà.

Àwọn ọmọ Yorùbá ibí á fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá Dókítà ni mo kọ gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ẹ̀rín ò pa Ràímì rí.

Ó ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àyà rẹ̀ sì ń já láti ìsinsìnyí. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀: ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ohun tẹ́ ẹ bá pè é ni agboolé á pè é. Ẹ pè é ní Sulaimọ́nù, ẹ fi Àjàní kún un. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un pè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Kò ní fi ọmọ dán wa wò. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣakirá, ẹ bá mi gbé ọmọ rẹ̀ jó.

Èmi ọmọ yín,
Ràímì, Bàbá Sulaimọ́nù.