Àlejò Nínú Ilé Bàbá Wọn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Aránṣọ

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1931, ọdún márùn-ún kí a tó bí màmá wa, ọkùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ ìyá rẹ̀ di àlejò. Ibẹ̀ ni ẹbí fẹ́ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé màmá kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn rí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á gòkè lọ sóko. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn ẹ̀gbọ́n á dúró lókè láti ṣọ́ ẹran àti àká, àwọn àbúrò á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti po amọ̀, kí wọ́n sun bíríkì àti ìkòkò. Ìdílé kan náà ni, iṣẹ́ ló di méjì. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Ará Òkè tàbí Ará Odò, àwàdà ló ń ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá ka ènìyàn. Ìwé tó mú lọ́wọ́ ní àyè kan fún ẹ̀yà, àyè náà kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Àwọn tó bá lókè, ó kọ wọ́n sí ẹ̀yà kan. Àwọn tó bá létí odò tí amọ̀ yí lẹ́sẹ̀, ó kọ wọ́n sí ẹ̀yà kejì. Ká ní òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀yà kan ṣoṣo là bá jẹ́ títí dòní.

Àṣìṣe àjèjì nìyẹn, a lè fi jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òtítọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá màmá ni ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bi í léèrè bóyá ara wọn ni àwọn ti odò. Ògbufọ̀ wo àbúrò rẹ̀, ó wo amọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Rárá, sà. Àtìpó ni wọ́n. Àwa la fún wọn níbi tí wọ́n dúró sí." Ìjọba ń wá olórí kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nígbà náà, ẹni tí yóò máa gba owó orí tí yóò sì máa kó ènìyàn síṣẹ́ ọ̀nà, onílẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́. Kí ọdún tó yí po, Ògbufọ̀ ti di Olóyè, ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì sì di tirẹ̀ nìkan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá màmá sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ èdè òyìnbó débi pé kò gbọ́ ti ìyá wa mọ́."

A bí màmá ní ọdún 1936, lẹ́bàá ibi ìsun bíríkì, fún ẹni tí ìwé pè ní Ará Odò. Bàbá wọn ni bíríkìlà tó mọ ògiri ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ìlú yìí. Ìyá wọn ń mọ ìkòkò. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún 1944 wọ́n wọ ilé ìwé. Òkè nìkan ni ilé ìwé wà. Èdè wa kan ṣoṣo ni àwọn oníwàásù òyìnbó ti tẹ̀ sí ìwé méjì, ọ̀kan fún Òkè, ọ̀kan fún Odò, kí olúkúlùkù lè mọ̀ pé òun yàtọ̀ sí ẹnìkejì. Ìjókòó mẹ́ta péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Odò ní kíláàsì kan. Màmá gba ipò kejì ní kíláàsì kẹrin, síbẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé wo ìwé owó orí bàbá wọn, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ àwọn ènìyàn wọn. Orúkọ ọ̀gá náà wà lọ́kàn wa. A kò ní kọ ọ́ síbí, kí ìwé yìí má baà dọ̀tí.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì gba òmìnira ní ọdún 1953.

Ní ọdún 1956 wọ́n fẹ́ bàbá wa, kápẹ́ńtà, ọmọ Òkè. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìgbéyàwó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà yín ò papọ̀?"

Màmá ní, "Ọ̀gá, bí a bá wá bímọ, ṣé ìdajì-ìdajì lẹ máa kọ ọ́ ni?"

"Ti bàbá là ń tẹ̀ lé."

"Ó dáa. Èmi á máa gbọ́únjẹ fún ẹ̀yà mìíràn nínú ilé mi nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Ará Òkè ni gbogbo wọn nínú ìwé, ìyá tó bí wọn nìkan ló jẹ́ Ará Odò lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ní ọdún 1961 òyìnbó ká àsíá rẹ̀, ó lọ. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò lọ. Iye orí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé ìgbìmọ̀, nítorí náà òṣèlú tó fẹ́ ìbò kò ní láti ṣèlérí omi tàbí ọ̀nà. Kí ó ṣáà ti sọ pé àwọn apá kejì ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ yín, ìbò á wọlé. Nígbà tí wọ́n tún ka ènìyàn, òkè ka àwọn òkú mọ́ alààyè, odò ka àwọn oyún. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló gbé aṣọ wá fún màmá láti rán. Àwọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n bátànì kan náà ni wọ́n gé, màmá sì sọ ọ́ létí àwọn alága méjèèjì pé ikùn wọn fẹ̀ bákan náà.

Òyìnbó ti sọ pé Ará Òkè ló ní làákàyè, kí wọ́n máa ṣe akọ̀wé, pé Ará Odò ló lágbára, kí wọ́n máa ṣe sójà. Nígbà tó lọ, akọ̀wé di ìjọba mú, sójà di ìbọn mú. Ní ọdún 1966 sójà gba ìjọba, gbogbo ènìyàn sì sọ pé Ará Odò ló gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọ̀dọ́ Òkè ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilé àwọn Ará Odò. Wọ́n dé ilé wa lọ́sàn-án gangan, wọ́n béèrè ta ni Ará Odò níbẹ̀. Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e.

"Èmi ni. Àwọn márùn-ún tó wà lẹ́yìn mi, tiyín ni wọ́n. Inú mi ni wọ́n ti jáde. Ẹ wá fi ọ̀bẹ hàn mí ibi tí Odò parí sí tí Òkè ti bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn yìí."

Wọ́n lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà sun ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà bàbá wa bí wọ́n ṣe ń lọ. Mẹ́ta nínú wọn ṣì wà láàyè, wọ́n sì mọ ara wọn. Bí wọ́n bá wá síbi ìsìnkú yìí, àga wà fún wọn níwájú, kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn.

Nínú ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ tó dúró ṣinṣin ni màmá. Ìjọ ń ṣe ìsìn méjì lọ́jọ́ ìsinmi, ti Òkè láàárọ̀, ti Odò tó bá di ọ̀sán. Màmá ń lọ sí méjèèjì. Bí pásítọ̀ bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ọlọ́run tó wà láàárọ̀, ṣé ó ń ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ọ̀sán ni?" Ọmọbìnrin mọ́kàndínláàádọ́rin ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láti apá méjèèjì. Kò sí àyè fún ẹ̀yà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ wọn.

Ní ọdún 1979 màmá fẹ́ díje sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Òfin ní kí olùdíje mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ wá, Olóyè Òkè ló sì ń fọwọ́ sí i. Ògbufọ̀ ti kú ní ọdún 1974, ọmọ rẹ̀ ló jẹ oyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá màmá nìyẹn, ó fi ọdún mẹ́ta jù wọ́n lọ. Ó kọ̀wé pé àwọn kò mọ obìnrin náà rí. Màmá lọ bá a ní fàráńdà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa. Ìwé ló ní a ò mọ̀ ẹ́."

"Ẹ sọ fún ìwé náà nígbà náà."

"Bí mo bá fọwọ́ sí tìẹ, gbogbo Odò á tò síwájú ilé mi lọ́la. Ilẹ̀ tí mo jókòó lé yìí ńkọ́? Oyè tí mo jẹ ńkọ́? Àbúrò, máa lọ sílé."

Wọ́n lọ sílé. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà lọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, títí di ọdún 2022, nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́ tí ọmọọmọ ń tì wọ́n lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Àwọn kan ní orí kunkun ni. Ẹbí kò jiyàn.

Màmá jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀: kí a sin wọ́n sórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá-bàbá wọn, kí a má sì sin wọ́n síbòmíràn bó ti wù kó pẹ́ tó.

Wọ́n fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀: awakọ̀, nọ́ọ̀sì, kápẹ́ńtà, tíṣà àti aránṣọ. Wọ́n fi ọmọọmọ mọ́kànlélógún sílẹ̀, àtọmọdọ́mọ mẹ́jọ, àbúrò ọkùnrin kan, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní ìyá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó tún ń dáhùn nígbà tí fọ́ọ̀mù bá bi wá pé ẹ̀yà wo.

Ilẹ̀ ìsìnkú orí òkè kò gba Ará Odò láìjẹ́ pé Olóyè fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn tí wọ́n kú, a gbé pósí màmá sínú ọkọ̀, a gúnlẹ̀ sí iwájú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, a sì sọ pé a kò lọ àfi bí Olóyè bá fọwọ́ sí i. Àwọn ti Òkè pé jọ, àwọn ti Odò pé jọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, Olóyè fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ na bírò sí i. Kò gbà á. Ó yíjú sí ojú fèrèsé níbi tí a dúró sí.

"Kò sí àtìpó kankan níbí rí," ó ní.

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ rọra sọ ọ́, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Bàbá mi àti bàbá obìnrin tó wà nínú pósí yẹn, ìyá kan náà ló bí wọn. Bàbá mi mọ̀, ó purọ́ fún òyìnbó nítorí oyè. Ó jẹ́wọ́ fún mi kó tó kú. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni èmi náà fi ń pa irọ́ náà lọ, mo sì ń wo ojú rẹ̀ lọ́dọọdún bí mo ṣe ń pa á. Kì í ṣe àlejò. Ọmọ ilé wa ni."

Ìyá Aránṣọ, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ẹ sùn lórí òkè, nílé bàbá yín.