Mo Dákẹ́, N Kò sì Ní Bẹ̀bẹ̀

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bùrọ̀dá ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé gé ara wọn jẹ? Orúnkún tó ń dùn yín, mo gbà pé ó ti ń rọ̀. Ara tèmi le, àfi inú tó ń bí mi.

Mo gbọ́ pé àǹtí wa ti ròyìn mi káàkiri ẹbí pé mo jókòó bí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní bí n kò bá wá bẹ̀bẹ̀, kí n má tẹ ilé àwọn mọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọ̀nà náà jìn, àárọ̀ la gbéra, ìrọ̀lẹ́ la dé. Èmi àti obìnrin náà la jọ jókòó, n kò mọ̀ ọ́n rí. Àǹtí wa wà lẹ́yìn wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ sọ mí kúkú ni mí: kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, mo ti ròyìn oníbàárà mi kan tó máa ń sanra ní kété tí mo bá ti wọ̀n ọ́n tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe wá rí aṣọ náà rán. Ìbéèrè yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ń gbádùn ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tó yá, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" di "hùn-ún." Ó gbé báàgì sórí itan, ó yí orúnkún sí fèrèsé. Mo bi í bóyá ilé ló ń lọ, ó ní, "A dúpẹ́." Ẹ gbà mí! Ta ló ń fi "a dúpẹ́" dáhùn irú ìbéèrè yẹn? Ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ kó dún ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wò ó, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan sórí.

N kò dákẹ́ lójijì, kó má baà rò pé mo bínú. Mo fi gbólóhùn kan parí ìtàn mi, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì díẹ̀," mo sì kọjú sí apá kejì. Nígbà tí omijé dé, mo fi áńkáṣífù mi sáàárín wa láìwò ó. Ó mú un. Ìgbà yẹn ni àǹtí wa gún mi léjìká: "Ìwọ ọmọ yìí, bá a sọ̀rọ̀! Bi í pé ta ló kú!"

Mo ní, "Àǹtí, mi ò ní bi í." Gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Bó bá di ọ̀la, màá tún un sọ.

Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, obìnrin náà di apá mi mú. Ó ní òun àti bàbá òun ti jà láti ìgbà tí òun ti lọ́kọ, pé láti àárọ̀ ni òun ti ń wá ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kàn ní, 'Bàámi, mo ti dé,' ṣé ó tó?"

Ìmọ̀ràn kún ẹnu mi, ẹ mọ̀ mí. Mo ní, "Ó tó."

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá àti àwọn ìbejì. Bí àǹtí wa bá bi yín, ẹ ní mo kí wọn, ẹ ní n kò bẹ̀bẹ̀.

Àbúrò yín tí kò yí ohùn padà ni mí,
Asọ̀rọ̀mágbèsì